Omi Gbígbóná Tó Tutù Lójú Ọ̀nà: Bí Lẹjiọnẹ́là Ṣe Ń Rí Ilé Gbé Nínú Páìpù

Ẹ̀yin pílọ́ńbà, ẹ̀yin alábòójútó ilé, ẹ kú ìjókòó. Ìbéèrè kan péré la fẹ́ wá ìdí rẹ̀ lónìí. Ẹ jẹ́ ká ní ilé alájà mẹ́ta kan wà, tí tẹmómítà ara táǹkì omi gbígbóná rẹ̀ kì í kúrò ní dígírì 60. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé náà sì mọ́ tónítóní. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bu omi ṣawà yàrá tó wà ní ìkangun lọ sí ilé àyẹ̀wò, kòkòrò Lẹjiọnẹ́là ló kún inú rẹ̀. Ibo ló gbà wọlé?

Kì í ṣe inú omi tí tẹmómítà yẹn ń wọ̀n ló ń gbé. Ibi tí omi ti dúró ló ń gbé, àti ibi tí omi gbígbóná ti tutù kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Ilé àpẹẹrẹ yìí la máa fi ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ wa, a ó sì máa tẹ̀lé omi rẹ̀ láti táǹkì títí dé orí ṣawà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ń bá jà. Bakitéríà ni. Odò àti adágún ni ilé bàbá rẹ̀, ó sì máa ń bá omi wọ ilé wa ní ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò sábà ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Pípọ̀ tó bá pọ̀ sí i nínú páìpù ni wàhálà. Orúkọ rẹ̀ ti ara American Legion wá, ẹgbẹ́ àwọn ológun-fẹ̀yìntì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tó ṣe ìpàdé ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Filadẹ́fíà ní oṣù Keje ọdún 1976. Ó lé ní 200 ènìyàn tó ṣàìsàn, 34 nínú wọn sì kú, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó pa wọ́n títí di oṣù Kìíní ọdún 1977. Mímu omi kọ́ ló sábà máa ń fà á. Ṣawà tàbí ẹ̀rọ omi ló máa ń fọ́n omi sí wẹ́wẹ́ bí ìrì, tí ènìyàn á fi èémí fà á wọ ẹ̀dọ̀fóró. Láàárín ọjọ́ 2 sí 10, ó lè ti di òtútù àyà tó le. Àgbàlagbà, ẹni tó ń mu sìgá àti ẹni tí ara rẹ̀ kò dá ṣáṣá ló máa ń tètè mú.

Ìwọ̀n ooru ló ń pinnu ohun tí kòkòrò yìí lè ṣe, dígírì ti Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì sì ni gbogbo iye tí mo máa pè. Bí omi bá wà lábẹ́ 20, ńṣe ló ń sùn: kò kú, àmọ́ kò lè pọ̀ sí i. Láàárín 20 sí 45 ló ti ń pọ̀, àgàgà ní àyíká 37, tí í ṣe ooru ara ènìyàn. Tó bá dé 50, ó ti ń kú, ṣùgbọ́n ó ń fà á: ó máa tó wákàtí 2 kí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn tó lọ. Ní 60, nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 ti tó fún iṣẹ́ kan náà. Àmọ́ inú ìgò ilé àyẹ̀wò ni wọ́n ti ka iye wọ̀nyí. Nínú páìpù, kòkòrò náà máa ń sá sábẹ́ ìdọ̀tí tó ń yọ̀ bí ilá, èyí tó lẹ̀ mọ́ ògiri páìpù, ó sì tún máa ń wọ inú àwọn ẹ̀dá tíntìntín mìíràn tó ń gbé ibẹ̀ lọ fara pamọ́. Ẹ má ṣe rò pé ìṣẹ́jú 2 máa ń tó nínú ilé.

Ìdí nìyí tí ìlànà ilẹ̀ Bírítéènì, èyí tí èmi ń tẹ̀lé, fi gba ọ̀nà yìí: kí omi gbígbóná wà ní 60 nínú táǹkì, kí ó dé ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní 50 ó kéré tán láàárín ìṣẹ́jú kan tí a bá ṣí i, tàbí 55 ní ilé ìwòsàn, kí èyí tó yí ilé ká padà sí táǹkì má ṣe wálẹ̀ ju 50 lọ. Omi tútù ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ 20 láàárín ìṣẹ́jú 2. Ilẹ̀ kan wà tí omi tútù ti ń gbóná ju 20 lọ kó tó wọlé rárá. Níbẹ̀, ooru kò lè dáàbò bo páìpù omi tútù, kílórínì tó ṣẹ́ kù nínú omi títí dé ẹnu ẹ̀rọ ló kù tí a lè gbára lé, ṣíṣàn omi sì wá di dandan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Níbi gbogbo ṣá o, ẹ má ṣe gbé páìpù omi tútù gba òkè páìpù omi gbígbóná nínú àjà kan náà. Ooru ń gòkè. Omi tó wọlé ní 17 lè kúrò níbẹ̀ ní 27 láàárín òru kan, bí a bá sì fẹ́ fi aṣọ wé páìpù, méjèèjì ni ká wé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ilé àpẹẹrẹ wa. Táǹkì rẹ̀ gba lítà 300. Omi tútù ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, omi gbígbóná ń gba orí jáde, tẹmómítà sì wà lápá òkè. Omi gbígbóná fúyẹ́ ju omi tútù lọ, torí náà orí lè wà ní 60 kí ìdí táǹkì wà ní 35. Ìdí yẹn gan-an sì ni ìpẹtà, ẹfun omi àti ìyẹ̀pẹ̀ máa ń jókòó sí. Oúnjẹ ti wà ńlẹ̀, ilé ti wà ńlẹ̀, ìlọ́wọ́ọ́wọ́ náà wà ńlẹ̀. Tó bá wá di àárọ̀ tí gbogbo ilé ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí omi gbígbóná òkè tán, omi ìsàlẹ̀ yìí ni yóò gòkè wọ páìpù.

Bí a ṣe ń mọ̀ kò ṣòro. Ẹ ṣí fáálùfù ìdọ̀tí tó wà nídìí táǹkì ní àárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó lo omi, ẹ gba lítà kan sínú korobá funfun, kí ẹ sì ti tẹmómítà bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa rí àwọ̀ rẹ̀, ẹ máa rí ooru rẹ̀. Bí omi náà bá pọ́n, ẹ jẹ́ kó máa ṣàn títí tí yóò fi mọ́. Bí kò bá gbóná tó, ọ̀nà àbáyọ ni pọ́ọ̀ǹpù kékeré kan tí ń fa omi láti orí táǹkì padà sí ìdí rẹ̀. Aago ni ká fi darí rẹ̀, kí ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan lóru nígbà tí kò sẹ́ni tó ń lo omi, kí gbogbo táǹkì lè dé 60 pọ̀. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọn ènìyàn ń wẹ̀, ńṣe ni yóò da omi tútù pọ̀ mọ́ gbígbóná, a ó sì fi ọwọ́ ara wa ba èyí tó dára jẹ́.

Ká wí pé táǹkì ti dára wàyí. Omi jáde ní 60, ó gba páìpù lọ, páìpù náà pín sí ẹ̀ka méjì: ọ̀kan kúrú, ó yí apá ìtòsí ilé ká, èkejì gùn, ó lọ dé ìkangun níbi tí yàrá wa wà. Ẹ̀ka méjèèjì padà wá pàdé, wọ́n di páìpù kan, pọ́ọ̀ǹpù sì ń fà wọ́n padà sínú táǹkì. Tẹmómítà kan wà lórí páìpù àpapọ̀ yìí. 54 ló ń fi hàn. Ó ju 50 lọ, gbogbo ènìyàn sì lọ sùn.

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Omi máa ń wá ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ̀ka kúkúrú ló sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ká ní lítà 5 ni pọ́ọ̀ǹpù ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Lítà 4 gba ẹ̀ka kúkúrú, ó padà ní 57. Lítà 1 péré ló fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ dé ìkangun, ó pẹ́ lójú ọ̀nà, ó sì padà ní 43. Ẹ ṣírò rẹ̀: 57 lọ́nà 4 jẹ́ 228, ẹ fi 43 kún un, ó di 271, ẹ fi 5 pín in, ó jẹ́ 54 àti díẹ̀. Irọ́ kọ́ ni tẹmómítà yẹn ń pa. Ó kàn ń sọ ìdajì òótọ́ ni, bí ìgbà tí a bá ní ẹni méjì jẹun yó, tó sì jẹ́ pé ẹnì kan ló jẹ ẹ̀bà mẹ́rin. Ẹ̀ka tó lọ sí ìkangun ti wà ní 43 látọdún, láàárín ìwọ̀n tí kòkòrò ń fẹ́ gan-an.

Torí náà, orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni ká ti wọ̀n ọ́n, kí wọ́n tó pàdé. Tẹmómítà tí a ń so mọ́ ara páìpù ti tó. Ẹ ṣí aṣọ tí a fi wé e kúrò ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, ẹ so ó mọ́ bàbà tí kò ní ọ̀dà lára, ẹ bò ó padà, kí ẹ dúró kí ó má yí mọ́. Yóò fi nǹkan bí dígírì kan tàbí méjì kéré sí ti omi inú. Ẹni tí kò ní tẹmómítà náà kò ṣàì ní ọwọ́: páìpù tó wà ní 57, ọwọ́ kò lè dúró lórí rẹ̀; páìpù tó wà ní 43, ẹ lè dì í mú kí ẹ sì máa sọ̀rọ̀ lọ.

Àtúnṣe rẹ̀ wà lọ́wọ́ fáálùfù ìdọ́gba, èyí tó yẹ kó wà lórí ìpadàbọ̀ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti fi í sí, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ gbayawu bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá. Ẹ dín ti ẹ̀ka kúkúrú kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa yí i, ẹ máa dúró fún ìdajì wákàtí, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Nínú ilé wa, bí ẹ̀ka kúkúrú bá wálẹ̀ sí lítà 2, tí èyí tó gùn gba lítà 3, ẹ̀ka kúkúrú yóò padà ní nǹkan bí 54, èyí tó gùn yóò sì padà ní nǹkan bí 53. Ẹ kíyè sí ohun kan o: páìpù àpapọ̀ yóò wá fi nǹkan bí 53 hàn, ó kéré sí ti àná, ilé náà sì dára ju ti àná lọ. Ẹni tó bá ń wo tẹmómítà àpapọ̀ nìkan yóò rò pé ńṣe la bà á jẹ́. Bí ẹ bá sì dín ẹ̀ka kúkúrú kù tí èyí tó gùn kò gbóná sí i, ẹ wá afẹ́fẹ́ tó há sí òkè páìpù, tàbí fáálùfù aláìgbàpadà tó ti lẹ̀. Ẹ má ṣe sáré ra pọ́ọ̀ǹpù ńlá. Ẹ̀ka kúkúrú náà ni yóò jẹ èrè rẹ̀.

Wàyí, ìkangun ti gbóná. Wọ́n tún gbé omi lọ fún àyẹ̀wò, kòkòrò náà tún wà níbẹ̀. Ó dín kù, àmọ́ kò tán. Ibí lọ̀rọ̀ ti kan ohun tí mo máa ń pè ní páìpù adágún: páìpù tí omi wà nínú rẹ̀, àmọ́ tí omi kì í ṣàn gbà á kọjá.

Yàrá ìkangun yìí ní báàfù tẹ́lẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi ṣawà sí igun kejì, wọ́n dé orí páìpù báàfù àtijọ́, wọ́n sì fi táìlì bò ó. Páìpù mílímítà 22 ni, ó gùn tó mítà kan àti díẹ̀, ká ní mítà 1.2. Mítà kan irú páìpù bàbà bẹ́ẹ̀ ń gba nǹkan bí lítà 0.32, torí náà ohun tó wà lẹ́yìn táìlì kò tó ìdajì lítà. Ó kéré lójú. Àmọ́ ẹ ronú sí bí ooru ṣe rí nínú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ so mọ́ páìpù tó wà ní 55, orí rẹ̀ tí a dé wà ní ooru yàrá, ká ní 24. Ooru ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìdí dé orí. Kò sí bí a ṣe lè ṣe é, ibì kan nínú páìpù yẹn yóò wà ní 37 lọ́sàn-án lóru. Bí ẹ bá gbé ooru táǹkì sókè, ibi tó wà ní 37 yẹn kàn máa sún síwájú ni, kò ní pòórá. Ìdí nìyí tí n kì í fi í gbọ́ àwáwí ẹni tó bá ní òun ti fi omi gbígbóná fọ gbogbo ilé. Omi náà kọjá lẹ́nu páìpù adágún ni, kò wọ inú rẹ̀. Nígbàkígbà tí ẹnì kan bá sì ti ẹ̀rọ pa lójijì, omi á mì nínú páìpù, díẹ̀ nínú omi adágún náà á sì jáde wá bá èyí tó ń kọjá.

Ẹ má ṣe pò ó pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí a kì í lò. Yàrá tí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ ṣì ní ẹnu tí omi lè gbà jáde. Ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí omi gbígbóná àti tútù ṣàn títí tí ooru wọn kò fi ní yí mọ́, kí ẹ sì rọra ṣe é kí omi má baà fọ́n: ẹ fi orí ṣawà sínú korobá tàbí àpò. Èyí tí a dé lórí kò ní ẹnu. Gígé ni oògùn rẹ̀.

Ibi tí ẹ máa gé e ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá gé e kù ní ìka mẹ́rin sí ìkóríta, tí ẹ sì dé e, ẹ ti dín adágún kù, ẹ kò tíì pa á. Ẹ ti omi pa, ẹ tú u dànù, ẹ gé ìkóríta páìpù náà fúnra rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fi páìpù gbọọrọ so ojú méjèèjì pọ̀, bí ẹni pé ẹ̀ka kò sí níbẹ̀ rí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún omi tútù pẹ̀lú, nítorí báàfù ní páìpù méjì, èyí tí wọ́n sì máa ń gbàgbé nìyẹn.

Báwo la ṣe ń rí èyí tó wà lẹ́yìn táìlì? Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ tẹ̀lé páìpù láti táǹkì pẹ̀lú bébà àti bírò, kí ẹ ka ẹ̀ka tó jáde, kí ẹ sì ka ẹnu ẹ̀rọ tó wà nínú yàrá. Bí ẹ̀ka bá ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, èyí tó lé ń bẹ níbì kan. Ibi tí wọ́n ti gbé ilé ìdáná kúrò, ibi tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ti wà rí, fáálùfù tí wọ́n fi sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú tí ọjọ́ iwájú náà kò dé: ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kódà páìpù tó lọ sínú táǹkì kékeré tí ń gba omi tó wú nígbà tó bá gbóná, adágún ni òun náà. Ẹ jẹ́ kí ó kúrú, kí ó sì dúró ṣánṣán, kí ìdọ̀tí má baà jókòó sínú rẹ̀.

Ó ku mítà díẹ̀ tó kẹ́yìn. Omi 60 lè bó àgbàlagbà láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5, torí náà a máa ń fi fáálùfù apòmi sẹ́yìn ṣawà, kí ó po gbígbóná àti tútù pọ̀ di 41. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ láti ẹnu fáálùfù yẹn lọ, a ti fọwọ́ ara wa pèsè ooru tí kòkòrò fẹ́. Ẹ fi fáálùfù náà sí ibi tó súnmọ́ ṣawà jù, kí páìpù tó wà láàárín wọn má ju mítà 2 lọ. Fífi fáálùfù kan ṣoṣo sídìí táǹkì láti po omi fún gbogbo ilé, ká má baà ra mẹ́wàá, ni àṣìṣe tó burú jù tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí gbogbo páìpù ilé á wá wà ní 41. Fáálùfù apòmi tún ní aláìgbàpadà méjì nínú. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, omi gbígbóná á máa yọ́ wọ páìpù omi tútù. Ẹ fọwọ́ kan páìpù tútù tó wọnú rẹ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wẹ̀. Bó bá lọ́wọ́ọ́wọ́ láti ara fáálùfù náà padà sẹ́yìn, ẹ ti rí i.

Bí ilé wa yóò ṣe parí nìyí. Gígé àti ìdọ́gba ló ṣáájú. Lẹ́yìn wọn ni ká tó fi ooru fọ ilé. Ẹ gbé gbogbo táǹkì dé 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti orí dé ìdí, fún wákàtí kan ó kéré tán, kí pọ́ọ̀ǹpù máa yí i. Ẹ wá ṣí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tí 60 yóò fi dé ẹnu rẹ̀, kí ó ṣàn fún ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn náà. Níbi tí fáálùfù apòmi bá wà, ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́nà, torí 60 kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ lé gbogbo ènìyàn kúrò nínú ilé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí omi tó ń pa kòkòrò náà ló ń bó ọmọdé.

Láàárín ọjọ́ 2 sí 7 lẹ́yìn èyí, ẹ bu omi fún àyẹ̀wò, ìgò méjì ní ẹnu kan. Ìgò kìíní ni ti omi tó kọ́kọ́ jáde, kí ẹ tó jẹ́ kó ṣàn rárá. Ìkejì, lẹ́yìn tí ooru bá ti dúró sójú kan. Bí kòkòrò bá wà nínú méjèèjì, inú ilé ló ti ń bọ̀. Ẹ padà sídìí táǹkì àti sórí ẹ̀ka, ó ṣeé ṣe kí adágún mìíràn ṣì wà. Bó bá jẹ́ ìgò kìíní nìkan, mítà tó kẹ́yìn yẹn ni. Ẹ tú orí ṣawà, ẹ rẹ ẹ́ sínú ọtí kíkan kí ẹfun rẹ̀ yọ́, ẹ yẹ ọ̀pá rírọ̀ rẹ̀ wò bóyá rọ́bà àbáláyé ni wọ́n fi ṣe inú rẹ̀, nítorí rọ́bà bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ni fún wọn, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀.